Àtúnṣe Áàpù Inú Fóònù: Èwo Ni Kí Ó Máa Ṣe Ara Rẹ̀, Èwo Ni Kí A Dá Dúró?

  

Ìyá kan tí ń ta epo pupa ní Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó gbé ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ka iwájú mi. Fóònù méjì ni ìyá yìí ní. Ọ̀kan jẹ́ fóònù ńlá tí áàpù báńkì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ fóònù kékeré onítẹ̀bọ́tìnnì, inú rẹ̀ sì ni nọ́ńbà tí báńkì mọ̀ ọ́n sí wà. Ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti Adó wá kí i. Ọmọ náà pín dátà láti inú fóònù tirẹ̀ sí ti ìyá rẹ̀ kí ó lè wo àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ. Ìyá ki fóònù bọ iná, ó sì lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, áàpù báńkì náà ti tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ní òwúrọ̀, ìyá gbé epo lọ sí ọjà ní Ìkẹ́rẹ́. Oníbàárà kan fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, ó ní òun yóò fi owó ránṣẹ́ láti inú báńkì. Nígbà tí ìyá ṣí áàpù rẹ̀ láti wò bóyá owó wọlé, áàpù náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní kí ó wọlé lákọ̀tun, òun yóò fi nọ́ńbà ẹ̀rí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kékeré tí nọ́ńbà ẹ̀rí náà lọ wà ní orí àga ní Ìsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí báńkì máa ń fi sọ pé owó ti wọlé ń lọ. Oníbàárà na fóònù tirẹ̀ sí i pé, "Ìyá, ẹ wò ó, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi." Ìyá kò gbà, nítorí ó ti gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n fi irọ́ owó gba ọjà lọ. Oníbàárà bínú, ó lọ bá ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó wá bá mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi pa ohun tí ń tún ara rẹ̀ ṣe yìí o. N kò fẹ́ àtúnṣe kankan mọ́ títí láé." Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó ná. Bí mo bá pa á títí láé, mo bá yín ti ilẹ̀kùn kan ni, mo sì fi òmíràn sílẹ̀ gbayawu." Àlàyé tí mo ṣe fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe fún yín.

Ohun tí fóònù ń pè ní `Update` ni mo ń pè ní àtúnṣe. Àwọn tí ó ṣe áàpù ni ó ń fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ láti rọ́pò ti àtijọ́. Nínú ẹrù kan ṣoṣo yìí, oríṣi nǹkan mẹ́ta ni ó lè wà. Èkíní ni dídí ihò tí olè lè gbà wọlé. Èkejì ni ohun èlò tuntun, tàbí ìyípadà ojú áàpù. Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè ìyọ̀ǹda tuntun, pé kí áàpù máa rí orúkọ àwọn ènìyàn yín, tàbí kí ó máa gbọ́ ohùn yín, tàbí kí ó mọ ibi tí ẹ wà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kì í ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ẹni tí ó gba èyí tí ó dára ti gba gbogbo ẹrù náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àtúnṣe ṣe ń ṣe ara rẹ̀. Nínú fóònù Android, Play Store ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí a kò bá yí nǹkan kan padà, ó máa ń dúró kí nǹkan mẹ́rin pé: kí fóònù wà lórí Wáífáì, kí ó wà nínú iná, kí ẹnikẹ́ni má máa lò ó, kí áàpù náà má sì wà ní ojú. Ẹ wo ìyá wa: dátà tí ọmọ rẹ̀ pín fún un dàbí Wáífáì lójú fóònù, fóònù wà nínú iná, ìyá sì ti sùn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ní alẹ́ kan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé alẹ́ tí àlejò wá ni nǹkan yí padà, tí kò sì ti yí padà láti oṣù mélòó kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fura sí ni pé ìyẹn ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yin mélòó ni ó ní Wáífáì nílé ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Emùré? Dátà orí káàdì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Fóònù tí a sọ fún pé Wáífáì nìkan ni kí ó fi ṣe àtúnṣe lè wà fún ọdún kan láìṣe àtúnṣe kankan, kí olóhun sì máa rò pé ó ń ṣe ara rẹ̀. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Emùré rí èyí. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí, WhatsApp rẹ̀ kọ̀, ó ní ẹ̀dà náà ti gbó jù, àfi kí ó gba tuntun. Kò sí dátà lórí káàdì rẹ̀ ní wákàtí náà. Ìyá ẹlẹ́pọ kò fẹ́ àtúnṣe, ó dé bá a; olùkọ́ yìí gbà pé òun ń rí àtúnṣe, kò sì rí i. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó mọ ohun tí fóònù rẹ̀ ń ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, nítorí ibẹ̀ ni ewu tí ó jinlẹ̀ wà. Láti ìgbà Android 6, tí ó jáde ní ọdún 2015, áàpù kò lè dédé gba ìyọ̀ǹda tí ó lágbára nígbà tí a bá gbé e sínú fóònù. Ó gbọ́dọ̀ bèèrè lójú wa, kí a sì tẹ ọwọ́ sí i. Bí àtúnṣe bá mú irú ìyọ̀ǹda tuntun bẹ́ẹ̀ wá, áàpù yóò tún bèèrè. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ìlànà yìí kò dí.

Èkíní ni pé a to àwọn ìyọ̀ǹda ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Bí ẹ bá ti gba áàpù kan láàyè kí ó máa ka orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín, tí àtúnṣe rẹ̀ wá fẹ́ máa kọ orúkọ sínú ìwé náà tàbí kí ó máa pa á rẹ́, fóònù lè fún un lójú ẹsẹ̀ láìbi yín léèrè, nítorí ìdìpọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ojú fóònù kò ní fi nǹkan kan hàn.

Èkejì ni ó burú jù. Ìyọ̀ǹda tí a fún ẹ̀dà àkọ́kọ́ jẹ́ ogún fún gbogbo ẹ̀dà tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ lónìí lè yí ìwà padà lọ́dún mẹ́ta sí i, kọ́kọ́rọ́ náà yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn kan wà tí ó fi èyí hàn kedere. Áàpù kan wà tí ń jẹ́ iRecorder, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gba ohun tí ó ń lọ lójú fóònù sílẹ̀, àwòrán pẹ̀lú ohùn. Wọ́n gbé e sínú Play Store ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Kò ní àléébù ìkọ̀kọ̀ kankan nígbà náà. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ó tó yí padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹ̀dà 1.3.8 dé, amí sì wà nínú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè gba ohùn ìṣẹ́jú kan láti àyíká fóònù, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó rán an. Ilé-iṣẹ́ ESET, tí ń ṣọ́ àwọn olè inú kọ̀ǹpútà, ni ó tú àṣírí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Google yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí a ti gbé e sínú fóònù ti ju 50,000 lọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àtúnṣe 1.3.8 náà kò nílò láti bèèrè ìyọ̀ǹda tuntun kí ó tó gbọ́ ohùn. Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni a tìtorí rẹ̀ gbé áàpù náà wọlé, nítorí náà olóhun ti fi ìyọ̀ǹda náà fún un láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tí ó jẹ́ kí àtúnṣe ṣe ara rẹ̀ kó sí i. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ `Update` náà kó sí i. Kò sí àmì kankan lójú. Ẹni tí ó bọ́ ni ẹni tí ó ti yọ áàpù náà kúrò nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, tàbí tí ó ti gba ìyọ̀ǹda ohùn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìyọ̀ǹda tí a gbàgbé sílẹ̀ ni ẹnu ògiri náà.

Àwa ní Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ìyọ̀ǹda lè dá sílẹ̀. Ẹ rántí àwọn áàpù tí ń yá ènìyàn lówó, tí wọ́n ń ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù. Bí ẹni tí ó yá owó bá pẹ́ kí ó tó san án, wọn a fi iṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí oníbàárà rẹ̀, àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa owó náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA ti ìjọba àpapọ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó Soko lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, Google ṣe òfin pé láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, áàpù tí ń yá ènìyàn lówó kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orúkọ àwọn ènìyàn tàbí àwòrán inú fóònù mọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí òfin yẹn fi yé wa. Bí àtúnṣe ti lè fi kún agbára áàpù, bẹ́ẹ̀ ni ó lè dín in kù. Kí áàpù kan lè pa òfin yẹn mọ́, ẹ̀dà tuntun tí kò ka orúkọ mọ́ ni ó ní láti gbé jáde. Ẹni tí ó ní òun kò gba àtúnṣe, ẹ̀dà àtijọ́ tí ń ka orúkọ ni ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá kù kí a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dúró àti ìgbà tí kò yẹ. Ìbéèrè kan ni mo fi ń díwọ̀n rẹ̀: bí nǹkan bá bàjẹ́, ṣé ó ṣe é tún ṣe? Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn méjì tì í lẹ́yìn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, WhatsApp kéde pé ihò kan wà nínú áàpù wọn. Ẹni ibi lè pe fóònù rẹ lórí WhatsApp, kí amí sì wọlé láti inú ìpè náà, bí o kò tilẹ̀ gbé e. Wọ́n ní kí gbogbo ayé gba àtúnṣe. Lórí Android, ẹ̀dà 2.19.134 ni ó dí ihò náà. WhatsApp sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí 1,400 ènìyàn ni a dojú amí yìí kọ. Ènìyàn lè sọ pé, "Èmi kì í ṣe gbajúmọ̀, ta ni yóò ṣe amí mi?" Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá ti kéde àtúnṣe, àwọn olè náà a máa gbé ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti mọ ibi tí a dí. Ibi tí a dí ni ibi tí ihò wà lára fóònù ẹni tí kò tíì ṣe àtúnṣe. Nítorí náà, ewu ẹni tí ó ń fà sẹ́yìn ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí àtúnṣe ti jáde ni. Àṣírí tí olè bá sì ti kó lọ kò ṣe é gbà padà.

Ìtàn kejì dojú kọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn áàpù bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra wọn lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù Android káàkiri ayé. Bí ènìyàn bá ṣí Gmail, yóò pa dé. Bí ó bá ṣí òmíràn, yóò pa dé. Ẹ̀yà kan tí ń jẹ́ Android System WebView, èyí tí àwọn áàpù mìíràn fi ń fi ojú-ewé han ènìyàn, ni ó fa á. Láàrin nǹkan bí ọjọ́ kan, Google fi ẹ̀dà tí ó tún un ṣe ránṣẹ́. Ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan ní ọjọ́ méjì náà kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tí ó sì kó sínú wàhálà náà, fóònù rẹ̀ tún padà dára.

Ẹ fi méjèèjì wéra. Àtúnṣe tí ó bàjẹ́ ń fi ọjọ́ kan tàbí méjì ṣòfò. Ihò tí a kò dí lè kó ohun tí kò ní padà mọ́. Ìdí nìyí tí ìdádúró fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe ti oṣù. Àwọn ilé-iṣẹ́ pàápàá mọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi àtúnṣe fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Wọn a fún ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wọn a wò ó bóyá áàpù ń kú, kí wọ́n tó ṣí i fún ìyókù. Ẹni tí ó bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ti jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọbẹ̀ wò kí òun tó bu tirẹ̀.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́pọ wa. Ohun tí a ṣe sí fóònù rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyí. Ẹ lè bá wa ṣe é, bí ọ̀rọ̀ ojú fóònù yín bá tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

A ṣí Play Store, a tẹ àwòrán róbótó tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, a tẹ `Settings`, lẹ́yìn náà `Network preferences`, lẹ́yìn náà `Auto-update apps`. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń yàn. `Over any network` ni kí ó máa fi dátà káàdì ṣe é. `Over Wi-Fi only` ni kí ó dúró de Wáífáì. `Don't auto-update apps` ni kí ó má ṣe é fúnra rẹ̀ rárá. A yan èkíní, nítorí ìyá kò ní Wáífáì. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ lè yan èyí tí ó dúró de Wáífáì, bí ó bá lè ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe ti WhatsApp àti Chrome.

Lẹ́yìn èyí, a yọ áàpù báńkì sọ́tọ̀. Nínú Play Store, a wá orúkọ rẹ̀, a ṣí ojú-ewé rẹ̀, a tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́ta tí ó wà lókè, a sì mú àmì kúrò níwájú `Enable auto update`. Áàpù kan ṣoṣo yìí ni kò ní ṣe ara rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo wá bá ìyá ṣe àdéhùn pé ní alẹ́ ọjọ́ tí ọjà bá parí, tí ọjọ́ kejì kì í sì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí ó gbé fóònù méjèèjì sí iwájú rẹ̀, kí ó tẹ `Update`, kí ó wọlé sínú áàpù náà, kí ó sì wo iye owó rẹ̀ kí ó tó lọ sùn. Kí ó má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá lórí rẹ̀. Bí báńkì fúnra wọn bá kéde pé ewu wà, kí ó ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí áàpù bá bèèrè nọ́ńbà ẹ̀rí, fóònù kékeré wà nítòsí. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, ó ṣì ní ọjọ́ kan láti lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ báńkì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé bí ẹ̀dà tuntun kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó rọra padà sí ti àtijọ́. Play Store kì í fúnni ní ẹ̀dà àná. Bí ẹ bá sì yọ áàpù náà kúrò, ohun tí ó kó pamọ́ sínú fóònù lè bá a lọ. Ẹni tí ó ń fi áàpù kọ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó tẹ `Update`.

Lẹ́yìn náà, a lọ sínú `Settings` ti fóònù fúnra rẹ̀, a wá `Permission manager`, a sì wo ìdìpọ̀ mẹ́ta péré: `Contacts`, `Microphone` àti `Location`. Nínú fóònù ìyá, áàpù iná tọ́ọ̀ṣì kan ń rí orúkọ gbogbo oníbàárà epo rẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ni iná ń fi orúkọ ènìyàn ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín títí. A yọ áàpù náà dànù, nítorí fóònù ti ní iná tirẹ̀. Áàpù ayánilówó àtijọ́ kan wà tí kò lò mọ́ láti ọdún méjì. Òun náà lọ. Áàpù tí ó ń fi pàǹtí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a fi ohùn sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n a yan `Allow only while using the app`, kí ó má baà máa gbọ́ nígbà tí a kò pè é. Bí fóònù yín bá jẹ́ Android 12 tàbí èyí tí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì aláwọ̀ ewé kékeré yóò hàn lókè lápá ọ̀tún nígbà tí áàpù kan bá ń gbọ́ ohùn tàbí tí ó ń ya àwòrán. Bí ẹ bá rí i nígbà tí ẹ kò pe ẹnikẹ́ni, tí ẹ kò sì gba ohùn sílẹ̀, ẹ fa òkè fóònù wálẹ̀, ẹ tẹ àmì náà, yóò dárúkọ áàpù tí ń gbọ́.

Bí àtúnṣe bá sì mú ìbéèrè tuntun wá, ẹ má ṣe fi ìkánjú tẹ `Allow`. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè iná tọ́ọ̀ṣì: kí ni áàpù yìí fẹ́ fi ṣe? Áàpù báńkì tí ó fẹ́ lo ẹ̀rọ àwòrán láti wo ojú yín ní ìdí. Ẹ̀rọ ìṣirò tí ó fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà kò ní ìdí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ tẹ `Don't allow`. Bí áàpù bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́, yóò tún bèèrè ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ lọ ṣí i fún un nínú `Settings`.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan fi ìlà kan ránṣẹ́ sí ìyá lórí WhatsApp pé kí ó tẹ ibẹ̀ láti fi ṣe àtúnṣe báńkì rẹ̀ kíákíá. Inú mi dùn pé ó kọ́kọ́ pè mí. Àtúnṣe tòótọ́ ń wá láti inú Play Store. Kì í gba inú iṣẹ́ tí ènìyàn fi ránṣẹ́. Fóònù pàápàá ń ràn wá lọ́wọ́ níbí: gbogbo áàpù ní èdìdì àwọn tí ó ṣe é, Android kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀dà tí èdìdì rẹ̀ yàtọ̀ gorí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ áàpù báńkì yín kúrò kí "àtúnṣe" tirẹ̀ tó lè wọlé, ẹ mọ̀ pé olè ni.

Ìyá ti ṣe àtúnṣe báńkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ní alẹ́, pẹ̀lú fóònù méjèèjì ní iwájú rẹ̀. Nígbà kejì, áàpù náà tún ní kí ó wọlé lákọ̀tun. Nọ́ńbà ẹ̀rí dé sórí fóònù kékeré, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ti ńlá, ó rí owó rẹ̀, ó sì sùn. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, ẹni tí ó ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin fi owó ránṣẹ́, ìyá sì rí i kí ó tó gbé epo fún un.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.